Wọ́n ní kí ẹ lọ jókòó sílé, "a ó pè yín": kí lẹ máa ṣe, kí sì ni wọ́n jẹ yín?

Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa ní Ìlọrin báyìí, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbà: "Ọ̀gá wa ní ọjà ò yá, ó ní ká lọ jókòó sílé títí a ó fi gbọ́ ìpè. Kò san kọ́bọ̀. Ṣé wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa ni?" Àwọn tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà ló ń bèèrè jù, torí kò sẹ́ni tí òùngbẹ ń gbẹ nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ló tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ń béèrè láti Ọ̀fà, wọ́n sì ń béèrè láti Ọmù-Àrán.

Ìdáhùn kúkúrú nìyí: rárá, wọn ò tíì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n òfin ò ní kí ọ̀gá fi yín sílé bí ìgbà tí èèyàn gbé ìkòkò sẹ́yìn ilé, kó má san nǹkan kan, kó sì má sọ ọjọ́ tí yóò pè yín. Ẹ tẹ̀ lé mi ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé.

## Kọ́kọ́ mọ irú èyí tó jẹ́

Ọ̀rọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. "Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́" lè túmọ̀ sí nǹkan mẹ́ta. Ó lè jẹ́ pé ó ṣẹ̀, wọ́n ní kó lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ò sí, wọ́n ní kó máa retí. Ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ pátápátá. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, mo máa pe èkejì ní *jókòó-sílé*, mo sì máa pe ẹ̀kẹta ní *ìgbaṣẹ́*. Ti ẹni tó ṣẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀, n ò ní bá a lọ jìnnà.

Tó bá jẹ́ jókòó-sílé, àdéhùn iṣẹ́ yín ṣì wà láàyè. Ọdún tí ẹ ti lò ń ka lọ, ẹ̀yin sì ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà. Tó bá jẹ́ ìgbaṣẹ́, àdéhùn náà ti parí, ìwé ìkìlọ̀ tó sọ ọ́ ṣáájú pé iṣẹ́ máa parí, tàbí owó tó dípò rẹ̀, sì gbọ́dọ̀ wà.

Ọ̀nà tó yá jù láti mọ èyí tó jẹ́ ni kí ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta yìí:

- Ṣé wọ́n dá ọjọ́ ìpadà, àbí wọ́n ní àwọn yóò pè yín?
- Ṣé wọ́n gba káàdì, aṣọ iṣẹ́ tàbí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín?
- Ṣé wọ́n fún yín ní ìwé tó sọ pé iṣẹ́ yín parí, tàbí owó tí wọ́n pè ní owó ìkìlọ̀?

Bí wọ́n bá gba gbogbo nǹkan tí wọ́n sì ti gbé ẹlòmíì sípò yín, kò yàtọ̀ sí ìgbaṣẹ́ mọ́, ohun yòówù kí wọ́n máa pè é lẹ́nu. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú rẹ̀, jókòó-sílé ni.

## Ohun tí Òfin Iṣẹ́ sọ nípa ọjọ́ tí kò síṣẹ́

Abala 17 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ni ẹ di mú. Ó ní ọ̀gá gbọ́dọ̀ pèsè iṣẹ́ tó bá agbára òṣìṣẹ́ mu ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ náà bá fara hàn, tí ara rẹ̀ sì dá. Bí kò bá pèsè é, ó gbọ́dọ̀ san owó ọjọ́ náà bíi pé òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́. Ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ ọlidé ìjọba kò sí níbẹ̀. Bí àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá àwọn ọ̀gá ṣe bá sọ nǹkan mìíràn, àdéhùn yẹn la ó tẹ̀ lé.

Ilẹ̀kùn kan wà tí òfin ṣí fún ọ̀gá. Bí pàjáwìrì fún ìgbà díẹ̀ tàbí ohun tó ju agbára ọ̀gá lọ bá mú kó má rí iṣẹ́ pèsè, owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló máa san. Ṣùgbọ́n àkókò yìí kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan, àfi bí aṣojú ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìyẹn ọ́físà léébọ̀, bá fún un láyè kó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, torí inú rẹ̀ ni àṣìṣe àwọn ọ̀gá wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé "ọjà ò yá" nìkan ti tó. Ọ̀sẹ̀ kan ni, kì í ṣe oṣù kan, ọwọ́ ìjọba sì ni àfikún ọjọ́ wà, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀gá. Èmi ò tiẹ̀ gbà pé òjò ọdọọdún jẹ́ pàjáwìrì. Bí tiransifọ́mà ilé iṣẹ́ bá jóná lóru, mo gbà. Òjò tí gbogbo Kwara ti mọ̀ pé ó ń bọ̀ láti oṣù Kẹta, kí ọ̀gá sọ pé ó ju agbára òun lọ? Ilé-ẹjọ́ ló máa dá èyí, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀tọ́ yín sílẹ̀ fún ọ̀gá láìjiyàn.

Ta ni òfin yìí kò bò? Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbowó oṣù ló bò. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti alákòóso, ti ọ̀gá àgbà, ti onímọ̀ ẹ̀rọ tàbí ti onímọ̀ iṣẹ́ àkọ́mọ̀ọ́ṣe kò sí lára ẹni tí òfin náà pè ní òṣìṣẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ máníjà tàbí akáńtáǹtì, ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín ni ẹ máa kà dípò abala 17. Àwọn tó ń rọ omi, tó ń di báàgì, tó ń ru búlọ́ọ̀kù àti dérẹ́bà wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ ò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́? Àdéhùn ẹnu náà jẹ́ àdéhùn lábẹ́ òfin yìí. Àní, láàárín oṣù mẹ́ta tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló yẹ kí ọ̀gá ti fún yín ní ìwé tó sọ iṣẹ́ yín àti owó yín. Bí kò bá fún yín, àṣìṣe rẹ̀ ni, kì í ṣe tiyín. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹ̀yin ni ẹ máa wá ẹ̀rí: álátì owó oṣù lórí fóònù, àwòrán pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, orúkọ àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́.

## Ìṣirò kan, kí ó lè yé wa

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ń di báàgì ní ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan lójú ọ̀nà Ajàṣẹ́. Ó ti lo ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ₦78,000 ló sì ń gbà lóṣù, láìka ófátáìmù àti owó mọ́tò. Bí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, ₦3,000 ni owó ọjọ́ kan.

Ní ọjọ́ Sátidé, súpáfáísọ̀ ní, "Ẹ má wulẹ̀ wá ní Mọ́ńdè o, a ó pè yín." Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ 24. Obìnrin yìí lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ní Mọ́ńdè, ó sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun ti ṣetán láti ṣiṣẹ́. Kò sí ọ́físà léébọ̀ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Bí a bá tiẹ̀ gbà fún ọ̀gá pé ọ̀rọ̀ náà ju agbára rẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ kìíní nìkan ló lè fi àyè yẹn bò. Nínú ọ̀sẹ̀ náà, owó ọjọ́ kan ló jẹ: ₦3,000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù jẹ́ ọjọ́ 18, ìyẹn ₦54,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦57,000. Bí a kò bá gbà fún un rárá, ọjọ́ 24 náà ló jẹ, ìyẹn ₦72,000.

Tó bá jẹ́ pé ìgbaṣẹ́ ni ọ̀gá ṣe ní ọjọ́ Sátidé yẹn ńkọ́? Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọ̀gá kò bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì náà, ó máa san ọjọ́ 12, ìyẹn ₦36,000, kún owó tó ti ṣiṣẹ́ fún.

Ẹ rí i báyìí? Fún òṣìṣẹ́ yìí, owó ìgbaṣẹ́ kéré sí ohun tí jókòó-sílé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lè jẹ́ kí ọ̀gá jẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó bínú pé "ẹ kúkú lé mi" pé kí wọ́n dákẹ́ ná kí wọ́n ṣírò. Ìdí kan náà ni mo fi ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀gá pé dídákẹ́ kì í ṣe ọ̀nà tó wọ́n lówó kéré jù.

## Ìgbésẹ̀ tí ẹ máa gbé, láti ọjọ́ kìíní

1. Ẹ béèrè ìwé. Ẹ má jà, ẹ má pariwo. Ẹ kàn ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìdí rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n rò pé ẹ máa padà, àti owó tí wọ́n máa san. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kejì lójú ẹsẹ̀.

2. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ náà. Wátsáàpù tàbí ọ̀rọ̀ fóònù tó ní déètì ti tó. Irú rẹ̀ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Alájì. Súpáfáísọ̀ sọ fún wa lónìí pé ká má wá láti Mọ́ńdè torí ọjà ò yá. Ara mi dá, mo sì ti ṣetán láti ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí a máa padà àti ètò owó wa." Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀rí sì wà nínú rẹ̀.

3. Ẹ fara hàn. Òfin sọ pé òṣìṣẹ́ tó fara hàn ló ní owó ọjọ́. Ẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ní kò sí àyè, ẹ kọ aago tí ẹ débẹ̀ àti ẹni tí ẹ bá sílẹ̀. Bí ilé yín bá jìn, tí owó ọkọ̀ sì ń pa yín lára, ẹ máa tún ọ̀rọ̀ pé ẹ ti ṣetán ránṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Kò lágbára tó fífi ẹsẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó sàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ fíìfíì.

4. Ẹ ṣí ìwé kékeré kan. Ọjọ́, ohun tí wọ́n sọ, ẹni tó sọ ọ́. Ẹ tọ́jú ìwé owó oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn tàbí álátì rẹ̀. Fóònù lè bọ́ sọ́nà, ẹ tẹ ẹ̀dà kan síta ní ilé kọ̀ǹpútà.

5. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá pé tí wọn ò pè yín, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú. Ẹ béèrè bóyá ilé iṣẹ́ ti gba àyè lọ́wọ́ ọ́físà léébọ̀ láti mú un gùn. Ìbéèrè yìí nìkan ti mú kí ọ̀gá kan tí mo mọ̀ pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ padà ní ọjọ́ kejì. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà.

6. Bí wọ́n bá ṣì dákẹ́, ẹ gbé ìwé yín lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ní Ìlọrin. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, Ọmù-Àrán àti Ìgbàjà, ẹ kó ara yín jọ kí ẹ rán ẹni méjì. Ọ́físà máa ń ránṣẹ́ pe ọ̀gá wá jókòó kó tó di ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́. Bí ó bá di ti ilé-ẹjọ́, Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti Orílẹ̀-èdè ló ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ, kì í ṣe kọ́ọ̀tù májísírééti, kì í sì í ṣe àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má gbé ọ̀gá lọ bá ọlọ́pàá lórí owó oṣù.

## Àṣìṣe tí mo ń rí lemọ́lemọ́

Fífi ọwọ́ sí ìwé tí ẹ ò kà. Èyí ló burú jù. Wọ́n á gbé bébà kan wá: "Ẹ fọwọ́ sí i, ká lè mọ iye àwọn tó lọ sílé." Bí ẹ bá kà á, ẹ̀yin lẹ ń tọrọ ìsinmi láìgbowó níbẹ̀, tàbí kẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ sí èkíní ti sọ ẹ̀tọ́ owó ọjọ́ rẹ̀ di aláìlágbára. Ẹni tó bá fọwọ́ sí èkejì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sí owó ìkìlọ̀ fún un. Bí èdè Òyìnbó rẹ̀ bá le, ẹ ní ẹ fẹ́ mú un délé kí ọmọ yín kà á. Ìwé tí kò lè dúró di ọ̀la kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ fura sí i.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ti gba ìwé ìkéde, ẹ kọ "mo gbà á, n ò tíì fara mọ́ ọn" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbuwọ́lùwé yín.

Kí wọ́n pè yín kí ẹ má gbọ́. Ẹni tó ti lọ sí oko ní Ṣàó, tí síìmù rẹ̀ ti kú, ni wọ́n á sọ pé ó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà kejì sílẹ̀, ẹ sì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe kí wọ́n kàn pè.

Gbígba iṣẹ́ mìíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó ní kí ebi pa yín. Ẹ gun ọ̀kadà, ẹ tajà, ẹ ro oko. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí iṣẹ́ tó máa dúró, ẹ rántí pé ìkìlọ̀ jẹ́ ti tọ̀tún-tòsì: ẹni ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin yẹn náà jẹ ọ̀gá ní ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kọ ìwé, kí ọ̀rọ̀ yín lè mọ́.

Lílọ béèrè owó pẹ́ńṣọ̀n. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pé àádọ́ta ọdún, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè béèrè ohun tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ lọ. Ẹni tó wà ní jókòó-sílé kò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà àwọn tó ń tọ́jú owó náà máa béèrè ìwé tó fi hàn pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ má torí owó yẹn lọ tọrọ ìwé ìgbaṣẹ́ láìkọ́kọ́ ṣe irú ìṣirò tí a ṣe lókè yẹn.

## Bí ó bá wá di ìgbaṣẹ́ lóòótọ́

Iye ìkìlọ̀ tí òfin ní kó kéré jù nìyí. Bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín bá fún yín ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ìwé yín ni ẹ tẹ̀ lé.

- Oṣù mẹ́ta tàbí kò tó bẹ́ẹ̀: ọjọ́ kan
- Ó lé ní oṣù mẹ́ta, kò tó ọdún méjì: ọ̀sẹ̀ kan
- Ọdún méjì, kò tó ọdún márùn-ún: ọ̀sẹ̀ méjì
- Ọdún márùn-ún sókè: oṣù kan

Ìkìlọ̀ tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. "Ó ti tán o" látẹnu súpáfáísọ̀ kò tó. Tí wọ́n bá fẹ́ fi owó dípò ìkìlọ̀, owó iṣẹ́ gan-an ni wọ́n máa fi ṣírò, wọn ò ní ka ófátáìmù àti àjẹmọ́nú mọ́ ọn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Torí pé àdéhùn ṣì wà láàyè nígbà jókòó-sílé, ọjọ́ tí ẹ fi jókòó lè gbé yín bọ́ sí ìpele tó ga jù. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rin àti oṣù mọ́kànlá, tí wọ́n fi sílé fún oṣù méjì kí wọ́n tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti kọjá ọdún márùn-ún. Ìkìlọ̀ oṣù kan ló kàn án, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wo déètì tí ẹ wọlé dáadáa.

Bí ó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ ni wọ́n fi ń dín yín kù, òfin ní kí ọ̀gá sọ ìdí rẹ̀ àti bó ṣe máa pọ̀ tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú yín. Ẹni tó dé gbẹ̀yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè wo ìmọ̀ iṣẹ́ àti ẹni tó ṣeé gbára lé. Òfin náà ní kí ọ̀gá sapá láti bá yín dúnàá-dúrà lórí owó ìdágbére, àmọ́ kò dá iye kan pàtó. Ohun tí ẹ bá jọ fẹnu kò sí ni ẹ máa gbà.

## Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó sọ pé "ẹ lọ sílé"

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń ka èyí, torí ẹ̀yin náà ń pè mí. Ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní ìsinmi ọdún wọn. Ẹni tó ti lo oṣù 12 ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà tó máa gbowó rẹ̀ pé, ìgbà òjò ló sì dára jù láti lò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ lè pín iṣẹ́: kí ìdajì wá ní Mọ́ńdè dé Wẹ́sídè, kí ìdajì kejì wá ní Tọ́sìdè dé Sátidé, kí owó sì tẹ̀ lé ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ fẹnu kò sí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ ò lè dá gé owó ènìyàn fúnra yín.

Tí ọ̀rọ̀ bá kọjá ìwọ̀n yìí, ẹ lọ bá ọ́físà léébọ̀ kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti débẹ̀ ṣáájú yín. Ẹ mú ìwé ọjà tí ẹ tà ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn àti orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lọ, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ rò pé iṣẹ́ máa padà.

## Ohun tí ẹ máa kó dání lọ sí ọ́fíìsì léébọ̀

- Ìwé ìgbanisíṣẹ́, tàbí ẹ̀rí mìíràn pé ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀
- Álátì tàbí ìwé owó oṣù mẹ́ta
- Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá, pẹ̀lú déètì
- Ìwé kékeré tí ẹ kọ ọjọ́ sí
- Ìṣirò yín lórí bébà kan: owó ọjọ́ kan, iye ọjọ́, àpapọ̀
- Àdírẹ́ẹ̀sì ilé iṣẹ́ àti orúkọ ẹni tó ń san owó

Ẹ ya ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ̀dà ni kí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí ojúlówó padà wá sílé.